Gíga, ga, gíga: èwo ni ọ̀rọ̀-ìṣe, èwo ni ẹ̀yán?

ÌyáMofẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi tó wà ní kíláàsì kejì girama àgbà gba ìwé ìdánwò Yorùbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti di àríyànjiyàn nílé. Wọ́n ní kí wọ́n sọ ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fa igi sí nídìí, "gíga", "ga" àti "gíga", nínú gbólóhùn mẹ́ta yìí:

Ilé gíga náà wó.
Ilé náà ga.
Gíga ilé náà bà wá lẹ́rù.

Ó kọ ọ̀rọ̀-àpèjúwe sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń sọ bí ilé náà ṣe rí. Àkọ́kọ́ nìkan ni olùkọ́ gbà. Kí ló ya wọ́n sọ́tọ̀?

Àdìó_Ọ̀nà

Kò le rárá, Ìyá Mofẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni kó máa wò. Lédè Yorùbá, ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń ṣíwájú, ohun tó ń yán an a sì tẹ̀lé e. "Gíga" tẹ̀lé "ilé" nínú àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àpèjúwe. Nínú ẹ̀kẹta, ó ṣíwájú "ilé", ọ̀rọ̀-orúkọ nìyẹn. Èyí tó kù láàárín ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Ó parí.

Ọmọ_Ìwé

Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá jẹ́ pé ohun tó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀-orúkọ ni àpèjúwe, "Òjò rọ̀" ńkọ́? "Rọ̀" tẹ̀lé "òjò" tààrà, kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ ni "Olú" tẹ̀lé "ilé" nínú "ilé Olú", kò sì sí ẹni tó máa pe Olú ní àpèjúwe. Mò ń múra ìdánwò àṣewọlé yunifásítì lọ́wọ́, irú ìbéèrè báyìí gan-an ló ń dà mí láàmú.

Tíṣà_Àdùkẹ́

Ìyá Mofẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Olùkọ́ náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣi ọmọ yín lọ́nà, nítorí òun náà ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ìtumọ̀ ló fi ń yẹ ọ̀rọ̀ wò. Ìtumọ̀ kò sì lè ya mẹ́ta yìí, torí ọ̀kan náà ni: bí ilé náà ṣe lọ sókè tó ni gbogbo wọn ń sọ. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe nínú gbólóhùn ló ń yà wọ́n.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kó kọ́kọ́ máa wá, kó má bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Kó fi "kò" síwájú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fa igi sí, kó sì gbọ́ bó ṣe ń dún. "Ilé náà kò ga." Ó jókòó dáadáa. Kó fi "ti" tàbí "máa" dán an wò: "Ilé náà ti ga", "Ilé náà máa ga". Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni "ga" nígbà náà, bí kò tiẹ̀ sí ẹni tó ṣe ohunkóhun níbẹ̀. Orúkọ yẹn, "ìṣe", ló ń tan àwọn ọmọ jẹ. Wọ́n rò pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ sísá tàbí lílù tàbí gbígbé kó tó lè jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Bẹ́ẹ̀, "ga", "kéré", "dùn", "gbóná", "pọ̀" àti "burú", ọ̀rọ̀-ìṣe ni gbogbo wọn.

Wàyí o, kó fi "kò" yẹn síwájú "gíga" nínú gbólóhùn àkọ́kọ́: "Ilé kò gíga náà wó." Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa sọ bẹ́ẹ̀. Kó wá yọ "gíga" kúrò: "Ilé náà wó." Gbólóhùn ṣì dúró, ohun tó sọnù kò ju pé a kò mọ irú ilé tó jẹ́ mọ́. Kó dá "gíga" padà, kó yọ "wó": "Ilé gíga náà…" Ẹni tó bá sọ ọ́ fún á máa wò ó lẹ́nu ni, pé ilé gíga náà ṣe kí ni? Gbólóhùn ti di àpólà-orúkọ lásán. "Wó" ni ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀, ẹ̀yán ni "gíga", ọ̀rọ̀-àpèjúwe tó ń yán "ilé".

Ẹ̀kẹta ló gba sùúrù. Ẹ bi í pé, kí ló bà wá lẹ́rù? Kì í ṣe ilé náà. Gíga rẹ̀ ni. Ẹ ṣàkíyèsí bí mo ṣe sọ ọ́: "gíga rẹ̀". "Rẹ̀" ti gba ipò "ilé náà", "gíga" sì dúró síbi tó wà. Ìyẹn fi hàn pé "gíga" ni orí àpólà náà, "ilé náà" ló ń yán an. Ẹ gbìyànjú irú rẹ̀ lórí àkọ́kọ́, ẹ ó rí i pé "gíga rẹ̀ wó" kò bá a mu rárá, torí ilé ló wó, kì í ṣe gíga. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni "gíga" inú ẹ̀kẹta.

Ibi tí gíga méjèèjì ti wá kò yàtọ̀. Láti ara "ga" ni wọ́n ti ṣẹ̀dá wọn: a mú kọ́ńsónáǹtì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, a fi "í" olóhùn òkè tì í, a wá gbé e síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Gbóná di gbígbóná, lọ di lílọ, tóbi di títóbi. Nítorí náà, wíwo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ báyìí lójú nìkan kò lè sọ ìsọ̀rí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Inú gbólóhùn ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n.

Àdìó_Ọ̀nà

Mo gbà fún yín, mà, pé "Òjò rọ̀" fọ́ òfin mi. Ṣùgbọ́n n kò ní kó ipò dànù. "Náà" ń ràn èèyàn lọ́wọ́ púpọ̀. "Ilé gíga náà", "ilé náà ga". Ohun tó wà ṣáájú "náà" wà nínú àpólà-orúkọ, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti jáde kúrò níbẹ̀. Ọmọ tó bá mọ ìyẹn kò nílò "kò".

Tíṣà_Àdùkẹ́

Òótọ́ ni, mo sì ń fi "náà" kọ́ àwọn ọmọ kékeré. "Náà" ló sábà máa ń ti ilẹ̀kùn àpólà-orúkọ. Ibi tí kò ti tó ni gbólóhùn tí kò ní "náà" rárá, bíi "Òkè ga", àti èyí tí awẹ́ gbólóhùn bá tẹ̀lé "náà", bíi "Ilé náà tí wọ́n kọ́". Àwọn tó ń ṣe ìbéèrè mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn gbólóhùn kéékèèké tí kò ní "náà" sì ni wọ́n fi ń dán ọmọ wò.

Bàbá_Ọlọ́gbà

Mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ìwé lẹ fi ojú kà, ẹ kì í fi etí gbọ́ ọ. Ẹ pe "òkè gíga" jáde lẹ́nu. Ẹ wá pe "Òkè ga". Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lópin "òkè" nígbà kejì? Ohùn rẹ̀ gbéra sókè kó tó kan "ga". A kò kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n a ń pè é: "Òkèé ga". Bẹ́ẹ̀ náà ni "Ọmọ lọ" ṣe ń dún bí "Ọmọ́ lọ" lẹ́nu wa. Ohùn òkè yẹn kì í wọ àárín orúkọ àti ẹ̀yán rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pe "òkèé gíga". Èmi kò ka gírámà ju ìwé mẹ́fà lọ, ohun tí mo fi ń mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Tíṣà_Àdùkẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Àwọn onímọ̀ gírámà náà sọ̀rọ̀ lórí ohùn òkè yẹn, láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n ti ń bá a pàdé. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un fún àwọn tó máa lò ó. Bí olùwà bá ti fi ohùn òkè parí tẹ́lẹ̀, bíi "ilé", etí kò ní gbọ́ ìyàtọ̀ kankan, torí ohùn òkè ti wà níbẹ̀ kó tó dé. Kì í sì í hàn níwájú "kò". Inú gbọ̀ngàn ìdánwò, tí ọmọ kò lè pariwo, "kò" ló rọrùn jù fún un.

Ọmọ_Ìwé

Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun, bàbá. Èyí tó gbé mi ṣubú lọ́jọ́ ìdánwò ìgbáradì nìyí: "Ọmọ dáadáa ni Ṣadé" àti "Ṣadé ṣe dáadáa". Wọ́n bi wá bóyá ìsọ̀rí kan náà ni "dáadáa" méjèèjì. Ṣé ọ̀rọ̀-ìṣe ni èyí tó wà nínú ìkejì, torí pé ó ti jáde kúrò nínú àpólà-orúkọ?

Tíṣà_Àdùkẹ́

Rárá, ọmọ mi. Fi "kò" sí i: "Ṣadé ṣe kò dáadáa"? Kò lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà níbẹ̀ ni "ṣe", "Ṣadé kò ṣe dáadáa". "Dáadáa" ń sọ bí ó ṣe ṣe é, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé nìyẹn. Nínú àkọ́kọ́, "ọmọ" ló ń yán, ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá wọn tan ni "dára".

ÌyáMofẹ́

Ẹ ò ní mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo fi omi ṣe tiwa: "Mo fi omi gbígbóná wẹ̀", "Omi náà gbóná", "Gbígbóná omi náà pọ̀ jù". Ó gbà á tán, ó tiẹ̀ fi "kò" dán gbogbo rẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní èyí tí n kò lè dáhùn: "Omi tó gbóná ni mo fẹ́." Ó ní "gbóná" ibẹ̀ ń sọ irú omi tí òun fẹ́, gẹ́gẹ́ bí "gbígbóná" ṣe ń ṣe, nítorí náà ẹ̀yán ni. Àbí?

Àdìó_Ọ̀nà

Ẹ̀yán ni. Omi wo lo fẹ́? Èyí tó gbóná. Ó ń yán omi.

Tíṣà_Àdùkẹ́

Àdìó, ohun tó ń yán omi ni "tó gbóná", gbogbo rẹ̀ pátá. "Gbóná" nìkan kọ́. "Tó" yẹn, "tí ó" ló sún kì. "Tí" ló bẹ̀rẹ̀ awẹ́ gbólóhùn, "ó" ni olùwà, "gbóná" ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀. Ìyá Mofẹ́, ẹ ní kó sọ pé "omi tí kò gbóná". Ṣé ẹ rí i? "Kò" wọlé, ó sì bá a mu. Ẹ̀yán lè tóbi tó odidi awẹ́ gbólóhùn, kó ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ nínú. Bí ìbéèrè bá fa igi sí "gbóná" nìkan, kó kọ ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí igi bá gùn láti "tó" dé "gbóná", kó kọ ẹ̀yán. Kí ó máa wo ibi tí igi bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, torí máàkì máa ń sọnù níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí Ọmọ_Ìwé sọ lókè tí a fò, "ilé Olú". Bí wọ́n bá bèèrè ìsọ̀rí "Olú", ọ̀rọ̀-orúkọ ni, orúkọ èèyàn ni, ó lè jẹ́ olùwà, ó lè jẹ́ àbọ̀: "Olú dé", "Mo rí Olú". Bí wọ́n bá bèèrè iṣẹ́ tí "Olú" ń ṣe nínú "ilé Olú", ẹ̀yán ni, torí òun ló sọ ilé tí à ń wí. Ìsọ̀rí àti iṣẹ́ kì í ṣe ohun kan náà. "Ìsọ̀rí" ni ìbéèrè ọmọ yín sọ. Bí ó bá kọ "ẹ̀yán" sí "ilé náà" tó wà lẹ́yìn "gíga" nínú ẹ̀kẹta, iṣẹ́ ló sọ yẹn, kò tíì sọ ìsọ̀rí.

Ọmọ_Ìwé

Ó ti yé mi yékéyéké. Ṣùgbọ́n mà, "Aṣọ náà funfun" ńkọ́? Mo fi "kò" sí i: "Aṣọ náà kò funfun." Ó lọ. Mo yọ ọ́ kúrò nínú "aṣọ funfun náà ya", gbólóhùn ṣì dúró. Ó ń ṣe méjèèjì láì yí padà. "Ga" máa ń di "gíga" kó tó yán ilé, "funfun" kì í di nǹkan kan.

Bàbá_Ọlọ́gbà

Èmi kò gbà "Aṣọ náà funfun" wọlé. Àwọn àgbà tó tọ́ mi dàgbà, "aṣọ náà fun" ni wọ́n ń sọ. "Ó dú", "ó pọ́n", "ó fun". Títí di òní, à ń sọ pé "ọsàn ti pọ́n", "ojú rẹ̀ pọ́n". Ẹ kò lè sọ pé "ọsàn ti pupa" kó dùn létí. Dúdú, pupa, funfun, wọ́n ṣe wọ́n fún yíyán orúkọ ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n sọ̀rọ̀, kó ní "Funfun ni aṣọ náà".

Tíṣà_Àdùkẹ́

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún etí yín, ṣùgbọ́n "Aṣọ náà funfun" ti gbilẹ̀ lẹ́nu èèyàn, ó sì ń ṣe gbogbo ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń ṣe. Ó ń gba "kò". Ó ń gba "ti": "Aṣọ náà ti funfun". Ó ń gba ọ̀rọ̀-àpọ́nlé lẹ́yìn, "Aṣọ náà funfun báláú". Kódà ohùn òkè tí ẹ̀yin fúnra yín kọ́ wa wà níbẹ̀: ẹ pe "Aṣọ funfun" bí àpólà, ẹ wá pè é bí gbólóhùn, "Aṣọ́ funfun". Fún Ọmọ_Ìwé, bí "Aṣọ náà funfun" bá jáde, ọ̀rọ̀-ìṣe ni kó kọ. Bí ó bá jẹ́ "aṣọ funfun náà ya", ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni. Ẹ kíyè sí i pé àwọn kan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. "Ìwà rere" wà, ṣùgbọ́n kò sí "Ìwà rẹ̀ rere". "Ilé ńlá" wà, ṣùgbọ́n "Ilé náà ńlá" kò sí, "Ilé náà tóbi" ni à ń sọ. "Rere", "ńlá" àti "tuntun" kò gba "kò" síwájú.

Ọmọ_Yunifásítì

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mò ń kà. Àwọn onímọ̀ kan wà tó gbà pé kò sí ìsọ̀rí tó ń jẹ́ ọ̀rọ̀-àpèjúwe lédè Yorùbá. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni wọ́n ka "gíga", "tuntun", "rere" sí, àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀yán gẹ́gẹ́ bí "Olú" ṣe ń ṣe nínú "ilé Olú". Ẹ wò ó: "Mo fẹ́ tuntun", àbọ̀ ni tuntun níbẹ̀. "Ó ṣe rere", àbọ̀ ni rere. "Kékeré ni mo rà." Bí wọ́n bá jẹ́ àpèjúwe lásán, báwo ni wọ́n ṣe dúró ní ipò orúkọ láìsí orúkọ kankan nítòsí? Lójú tiwọn, "gíga" inú gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ti ẹ̀kẹta, ọmọ ìyá kan náà ni, ọ̀rọ̀-orúkọ ni méjèèjì.

Àdìó_Ọ̀nà

Ṣé ó túmọ̀ sí pé olùkọ́ ọmọ náà kò tọ̀nà?

Ọmọ_Yunifásítì

Rárá o. Mo kàn ń sọ pé àríyànjiyàn wà ni. Àwọn tí kò gbà sọ pé inú "Mo fẹ́ tuntun", orúkọ kan ti sá pamọ́ síbẹ̀, aṣọ tuntun tàbí bàtà tuntun, ohun tí ẹni méjèèjì tó ń sọ̀rọ̀ ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí yẹn kò ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí "Ó ṣe rere". Kí lorúkọ tó sá pamọ́ síbẹ̀? Ohun rere? Ó ṣeé ṣe. N kò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Tíṣà_Àdùkẹ́

Mo mọ èrò yẹn, kò sì ṣeé fojú tín-ínrín. Àmọ́ èrò kan ṣoṣo ni ọmọ ilé-ìwé lè gbé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, èyí tó wà nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ. Níbi tí wọ́n bá ti ń pè é ní ọ̀rọ̀-àpèjúwe, kó kọ ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Níbi tí wọ́n bá ti ń bèèrè iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀yán. Kò sí èyí tó jọ pé "ga" inú "Ilé náà ga" jẹ́ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀-ìṣe nínú gbogbo èrò wọ̀nyí.

ÌyáMofẹ́

Mo ti pè é wá síwájú fóònù, ó ka gbogbo rẹ̀. Ó ní òun ti gbà ti "ga", òun sì ti gbà ti gíga ẹ̀kẹta. Ó ní kí n bi Bàbá pé, bí "Aṣọ náà funfun" kò bá dára, ṣé "Aṣọ náà kò funfun" náà kò dára?

Bàbá_Ọlọ́gbà

Ọmọ mi, ìyẹn dùn létí mi díẹ̀ ju èkejì lọ, n kò sì lè sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá bi mí bóyá aṣọ mọ́ tàbí kò mọ́, "kò fun" ni mo máa fi dá ọ lóhùn.